Eegun ẹja tí mo yà sára kádíbọ́ọ̀dù: bí mo ṣe rí ìdí tí gàrí wa fi ń pẹ́ dé ọwọ́ kọ́sítómà

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò kí ń yan án fúnra mi o, ọwọ́ àwọn ìyá tó ń yan án ni mo ti ń rà á, àwa á wá jọ̀ ọ́, a máa wọ̀n ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù kílò 1, kílò 2 àti kílò 5, a máa fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu ẹ̀ pa, a máa lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn, ó di kó lọ nìyẹn. Àwa márùn-ún là ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún: èmi, Màmá kan tó ń jọ̀ gàrí, ọmọbìnrin kan tó ń wọ̀n ọ́n, ọmọkùnrin kan tó ń lẹ̀ ẹ́ tó sì ń dì í sínú àpò, àti Bọ̀dá ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù lọ sí gáréèjì. Díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń lọ sí Ṣágámù, èyí tó pọ̀ jù ń lọ sí Èkó, Ìkòròdú, Kétu, Mushin. Ìlérí tí mo ń ṣe fún kọ́sítómà ò le rárá: tí o bá ní kí n fi ránṣẹ́ lónìí, kí aago 4 ọ̀sán ọ̀la tó lù, ó ti dé ọwọ́ ẹ.

Ìlérí yẹn ló fẹ́ ba ọjà mi jẹ́. Mò ń kọ èyí nítorí pé ó tó oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń wo ibi tí ìṣòro ò sí, mo náwó síbẹ̀, mo ṣẹ èèyàn dáadáa kan níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tó ń ta nǹkan bíi tèmi gba ọ̀nà yẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, kò tiẹ̀ pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, gàrí ẹ dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè máa jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù máa sọ fún èèyàn pé ó ń bọ̀ ó ń bọ̀. Mo ti ra ti ẹlòmíì." Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín oṣù méjì tí kọ́sítómà á fi mí sílẹ̀ báyẹn. Mo jókòó sórí àpò gàrí, mo sunkún.

Lójú tèmi nígbà yẹn, mo mọ ẹni tó jẹ̀bi. Dírẹ́bà tó ń bá wa gbé ẹrù láti gáréèjì ni. Gbogbo ìgbà tí kọ́sítómà bá pè pé òun ò tíì rí ẹrù, òun ni mò ń pè, á sì ní òun wà nínú gósíló, mo wá rò pé irọ́ ló ń pa. Mo fi í sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò dáa tí mo sọ sí i lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì. Mo mú ẹlòmíì tí owó ẹ̀ wọ́n ju tẹni àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ó dà bíi pé nǹkan ti yí padà, kọ́sítómà méjì tiẹ̀ yìn mí, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta a ti padà síbi tí a wà. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ọjà ò yá, ọ́dà kéré, ìdí tí ẹrù fi ń yá nìyẹn, dírẹ́bà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní fákítírì kan lápá Ṣágámù, ibi tí wọ́n ti máa ń jókòó wá ìdí tí iṣẹ́ fi bàjẹ́. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Sánńdè kan, mo ń ráhùn fún un, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó wá bi mí pé, "Nínú oṣù tó kọjá, ẹrù mélòó lo fi ránṣẹ́? Mélòó ló pẹ́?" Mi ò mọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, wọ́n pọ̀." Ó ní, "Pọ̀ kì í ṣe iye. Ohun tí o sọ fún mi láti àárọ̀, ẹ̀dùn ọkàn ni, kò tíì di ìṣòro tí èèyàn lè yanjú."

Ó wá sọ fún mi nípa àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní eegun ẹja. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japáànù kan tó ń jẹ́ Kaoru Iṣikawa ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò ní nǹkan bí ọdún 1960 sí òkè. Ìwọ á fa ìlà gígùn kan sáàárín ìwé, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹja nìyẹn, ní apá ọ̀tún wàá ya orí, inú orí yẹn ni wàá kọ ìṣòro sí. Àwọn eegun ńlá á wá máa yọ lára ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè àti nísàlẹ̀, eegun kọ̀ọ̀kan máa dúró fún irú ibi kan tí ìdí ti lè wá, lára eegun ńlá ni eegun kéékèèké á ti máa yọ, ìyẹn àwọn ìdí gan-an, àti ìdí tí ìdí yẹn fi ṣẹlẹ̀.

Ó rọrùn létí. Lóru ọjọ́ yẹn náà mo yà á, èmi nìkan, lórí ìwé ọmọ mi. Ohun tí mo kọ sínú orí ẹja ni "Àwọn tó ń gbé ẹrù ń fi wá ṣeré." Orúkọ èèyàn ni mo kọ sára eegun, dírẹ́bà, ọlọ́kadà, ọmọ tó ń dì í, títí dórí Màmá. Inú mi dùn sí i, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi lórí Wásáàpù.

Ó pè mí láàárọ̀. Ó ní nǹkan méjì ni mo ṣe tó bà á jẹ́. Èkíní, mo ti fi ìdáhùn sínú orí. Tí orí ẹja bá ti sọ pé àwọn tó ń gbé ẹrù ni, gbogbo eegun tó bá yọ lára ẹ̀ á máa lọ bá wọn náà ni, kò sí bí mo ṣe fẹ́ rí ohun mìíì. Ohun tí ojú rí ló yẹ kó wà nínú orí, pẹ̀lú iye, pẹ̀lú ọjọ́, láìsí ìdí kankan nínú ẹ̀, láìsí ẹni kankan nínú ẹ̀. Èkejì, orúkọ èèyàn kì í ṣe ìdí. Ó ní, "Tí o bá kọ orúkọ ọmọ yẹn síbẹ̀, kí lo fẹ́ bi í? Ìdí tó fi jẹ́ òun?" Ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí pé mo ti ṣe irú ẹ̀ fún dírẹ́bà.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i tí mo gbìyànjú, mo tún ṣe àṣìṣe mìíì, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù torí pé kì í tètè hàn. Mo kọ ọ́ sára eegun kan pé "A ò ní mọ́tò tiwa." Bọ̀dá ní ìyẹn kì í ṣe ìdí, ohun tí mo fẹ́ rà ni, mo kàn fi "a ò ní" sí i níwájú. Tí èèyàn bá ti rí "a ò ní" tàbí "kò tó" lára eegun, kó dúró, kó bi ara ẹ̀ pé: torí pé a ò ní in, kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Nígbà tí mo bi ara mi báyẹn, ìdáhùn tí mo rí ni "ẹrù máa ń jókòó ní gáréèjì títí mọ́tò fi máa kún." Ìyẹn, mo lè lọ wò ó, mo lè ka iye wákàtí tó fi ń jókòó. "A ò ní mọ́tò," kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?

Ó wá ní kí n pa ìwé tì ná, kí n lọ wá iye. Mo ní mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Ó ní ṣé mi ò ní fóònù ni. Mi ò ronú síbẹ̀ rí: gbogbo ọ́dà ló wà lórí Wásáàpù, àkókò tí kọ́sítómà fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, àkókò tó sọ pé "mo ti rí i o" tàbí tó bú mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá ọlọ́kadà máa ń fi fọ́tò ìwé wébìlì ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ìgbà tó bá ti já ẹrù sí gáréèjì, ìyẹn náà ní àkókò lórí. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo fa ìlà sínú ìwé, ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀: ìgbà tí ọ́dà wọlé, ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ìgbà tó dé. Mo ní láti pinnu ohun tí "pẹ́" túmọ̀ sí náà, torí pé ọkàn mi ti ń ka èyí tí kọ́sítómà bá bú mi lé lórí nìkan, àwọn tó dákẹ́ mi ò kà wọ́n. Mo wá sọ pé ohunkóhun tó bá dé lẹ́yìn aago 4 ọ̀sán ọjọ́ tí mo ṣèlérí, ó pẹ́, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ẹrù 86 ló jáde. 31 pẹ́. Ó dùn mí, mo rò pé kò ju mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí mi lórí ni ìlà àárín, ìgbà tí ẹrù kúrò lọ́dọ̀ wa. Ètò wa ni pé kí Bọ̀dá ọlọ́kadà gbé ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago 8 àárọ̀. Nínú 31 tó pẹ́ yẹn, 24 ni kò kúrò nílẹ̀ títí aago 10 fi kọjá, àwọn kan tiẹ̀ kúrò ní aago 12. Ṣé ẹ rí i? Ẹrù ti pẹ́ kí dírẹ́bà tó fojú kàn án. 7 péré ló kúrò lásìkò tó sì wá pẹ́ lójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bá èèyàn jà lórí 7, 24 wà nínú ilé mi.

Bọ̀dá ní kí n má kó méjèèjì pọ̀ sínú ẹja kan. Ẹrù tó pẹ́ nílé àti ẹrù tó pẹ́ lọ́nà, ìdí wọn ò lè jọra, tí mo bá pò wọ́n, eegun á pọ̀ jù, ojú ò ní tó o. Ohun tí a kọ sínú orí ẹja nìyí: "Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ẹrù 24 nínú 86 kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago 10 àárọ̀, dípò aago 8." Àwọn 7 yòókù máa ní ẹja tiwọn lọ́jọ́ mìíì.

Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn tí a ti palẹ̀ mọ́, a tẹ́ kádíbọ́ọ̀dù ńlá sórí tábìlì tí a fi ń wọ̀n gàrí, gbogbo wa yí i ká. Bọ̀dá fa ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ya eegun ńlá mẹ́fà, ó kọ orúkọ wọn: Ènìyàn, Ẹ̀rọ, Ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́, Ohun tí à ń lò, Ìwọ̀n, Àyíká. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní fákítírì nìyẹn, pé kì í ṣe òfin, ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lè yọ ọ́, ẹni tó bá ń ṣe òwò mìíì lè fi orúkọ mìíì sí i. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n má jẹ́ kí ọkàn èèyàn jókòó sójú kan.

Ó wá ní, ó yá, kí ló ń fà á? Gbogbo wọn dákẹ́. Mo ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ náà, mi ò ní bínú." Wọ́n túbọ̀ dákẹ́. Ọlọ́kadà ní iná ọba ni. Màmá ní Ọlọ́run á bá wa ṣe é.

Bọ̀dá ní kí n lọ wo ọbẹ̀ níná, kò sí ọbẹ̀ níná, mo mọ ohun tó ń sọ, mo dìde. Lẹ́yìn mi ló fún wọn ní bébà pẹlẹbẹ, ó ní kí kálukú kọ nǹkan mẹ́ta láìkọ orúkọ, Màmá tí kò mọ̀wé sọ tiẹ̀ sétí ọmọbìnrin yẹn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ra eegun. Mo kà wọ́n lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ máa ń dúró de iná. Lébẹ̀lì máa ń tán lójijì. Gàrí tó wọlé nígbà òjò máa ń rin, a ní láti sá a ká tó lẹ̀ ẹ́, torí tí a bá lẹ èyí tó rin, á dì, á bu nínú náílọ́ọ̀nù. Sìkéèlì kan ṣoṣo la ní. Ó wá ku bébà kan tó wà lára eegun Ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́: "A kì í mọ ohun tí a máa dì títí Ànńtí fi máa jí ka Wásáàpù."

Ara mi gbóná. Mo fẹ́ bèèrè ẹni tó kọ ọ́, Bọ̀dá wò mí, mo dákẹ́. Ká má parọ́, ká ní èmi nìkan ni mo ya ẹja yẹn, bébà yẹn ò lè sí níbẹ̀ láé. Mi ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Lójú tèmi, mò ń ṣiṣẹ́ àṣekára ni, aago 11 alẹ́ mo ṣì ń dá kọ́sítómà lóhùn, mo ń sọ fún wọn pé "ọ̀la lẹ máa rí i." Láàárọ̀ màá jí, màá ka gbogbo ẹ̀, màá kọ ọ́ sínú ìwé, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù aago 7 ààbọ̀ ti lù, nígbà yẹn ni ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé kílò 5 mẹ́jọ ló ń lọ sí Mushin.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi eegun kọ̀ọ̀kan ní "kí ló fà á." Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ẹ má yára kúrò níbẹ̀. A mú ti ẹ̀rọ: kí ló dé tí àìsí iná fi ń dí wa lọ́wọ́? Torí pé àárọ̀ nìkan la máa ń lẹ̀ ẹ́, tí wọn ò bá sì múná wá láàárọ̀, ó di ká tan jẹnẹrétọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀ nìkan? Torí pé a ò mọ iye tí a máa lẹ̀ lálẹ́. A mú ti lébẹ̀lì: kí ló dé tó fi ń tán lójijì? Torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ iye tí ọ̀la máa gbà, àárọ̀ la ń rí i pé kò tó, ọlọ́kadà á sáré lọ bá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì ní tíì ṣí. A mú ti gàrí tó rin: kí ló dé tí a fi ń sá a láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú? Torí pé ọ̀sán àná kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a máa nílò àpò yẹn. Eegun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ, ohun tí à ń lò, ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́, gbogbo wọn já sójú kan náà: àárọ̀ ọjọ́ tí ẹrù máa lọ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tí a máa dì. Bọ̀dá fi máákà pupa yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní tí èèyàn bá rí ìdí kan náà lórí eegun tó ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Mo bi í pé ìgbà wo la máa dá "kí ló fà á" dúró, torí pé a lè bi í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní tí o bá dé ibi tí ọwọ́ ẹ lè tó láti yí padà, dúró níbẹ̀. Iná ọba, tí a bá ń bi í síwájú, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ń lọ. Àkókò tí à ń ti ọ́dà, ọwọ́ mi ló wà.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lọ́jọ́ kejì. Bọ̀dá kọ̀. Ó ní ẹja yìí ò tíì fi nǹkan kan hàn dájú, ohun tí a rò ló wà lára ẹ̀, èèyàn márùn-ún lè jọ rò ohun tí kì í ṣòótọ́. Ó ní kí a kà á fún ọ̀sẹ̀ 2, ká má sì ka àwọn ẹrù tó pẹ́ nìkan, ká ka àwọn tó yá náà. Mi ò kọ́kọ́ rí ìwúlò ìyẹn, kí ni mo fẹ́ fi èyí tó yá ṣe? Ọmọbìnrin tó ń wọ̀n gàrí gbé bébà kan kọ́ sára ògiri, tí ẹrù bá ti ń lọ á kọ aago, á sì fàlà sábẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yẹn: kò síná, gàrí rin, ìwé ọ́dà ò tíì jáde ní aago 7.

Ẹrù 44 ló jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2 yẹn. 17 kúrò lẹ́yìn aago 10, 27 kúrò ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ wo iná: nínú 17 tó pẹ́, 7 ni kò síná láàárọ̀ ọjọ́ wọn. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, mà bá ti lọ yáwó ra íńfátà àti bátìrì, mo ti bèèrè iye ẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nínú 27 tó yá, 11 ni kò síná fún àwọn náà. 7 nínú 17, 11 nínú 27, ọgbọọgba ni. Iná tó lọ ò yà èyí tó pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó yá, torí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ń gbé ẹ̀rọ yẹn, ó kàn ń jẹ owó epo ni. Ìwé ọ́dà tí kò tètè jáde ńkọ́? 14 nínú 17 tó pẹ́, àmọ́ 4 péré nínú 27 tó yá. Ìyẹn fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Gàrí tó rin jẹ́ 5 nínú 17, 2 nínú 27, òun náà wà níbẹ̀, kò kàn pọ̀ tó bí Màmá ṣe rò ni, 3 nínú márùn-ún yẹn sì jẹ́ ọjọ́ tí ìwé ọ́dà pẹ́ náà.

Ohun tí eegun ẹja ò lè sọ fún èèyàn nìyẹn. Gbogbo eegun ló gùn bákan náà lórí kádíbọ́ọ̀dù, kò sí èyí tó wúwo ju èkejì lọ lójú, bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè fi hàn pé nǹkan méjì pàdé lọ́jọ́ kan. Ìwé tó wà lára ògiri ló sọ ìyẹn.

Àtúnṣe ò gba owó púpọ̀, ìgboyà ló gbà. Mo sọ fún gbogbo kọ́sítómà pé ọ́dà tó bá wọlé kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọ̀la ló máa dé, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀tunla. Mo gbé fóònù ọjà fún ọmọbìnrin yẹn, aago 5 òun ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sára pátákó dúdú. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ lálẹ́ yẹn títí aago 7, àárọ̀ ó kàn ku ká dì í sápò. Àpò gàrí tuntun tó bá wọlé, Màmá á kì ọwọ́ sí i dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ rin, tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́, sísá ni, kò ní dúró dọ̀la. Ní ti lébẹ̀lì, a fi rọ́bà pupa di 300 tó kẹ́yìn, ẹni tó bá ti kan rọ́bà pupa ni kó pe àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira fún mi. Kọ́sítómà kan fi ọ́dà ránṣẹ́ ní aago 8 alẹ́, mo ti ń tẹ "kò burú, ẹ máa rí i lọ́la" kí n tó rántí, mo pa á rẹ́. Ó bínú, kò rà á. Méjì nínú wọn lọ báyẹn. Nínú ọ̀sẹ̀ 4 tó tẹ̀lé e, ẹrù 90 ló jáde, 3 ló kúrò lẹ́yìn aago 10, àpapọ̀ èyí tó dé lẹ́yìn aago 4 jẹ́ 9.

Ìgbà tí Iléyá wá dé, ó tún dàrú. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń wọlé, ojú ọ̀nà kún, ọmọkùnrin wa wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀, ọlọ́kadà ń gbé èrò. Mo sáré lọ síbi kádíbọ́ọ̀dù láti wo eegun tó ń dà wá láàmú, kò sí níbẹ̀, torí pé ọ̀sẹ̀ tí kò sí ọdún la yà á fún. Àwọn ẹrù ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò kà wọ́n mọ́ tàwọn yòókù. Ti ọdún tó ń bọ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò ní gba ọ́dà Èkó fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹja kejì la wà lórí ẹ̀ báyìí, ti àwọn tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Bébà kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu lára ẹ̀, èyí tó sọ pé ẹrù ń jókòó ní gáréèjì títí mọ́tò fi máa kún. Dírẹ́bà tí mo ṣẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ fún Bọ̀dá ọlọ́kadà, pé tí ẹrù bá dé kí aago 7 àárọ̀ tó lù, mọ́tò àkọ́kọ́ tètè máa ń kún torí àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó bá tẹ̀lé e lè dúró wákàtí méjì. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọlọ́kadà ti ń kọ aago tó já ẹrù àti aago tí mọ́tò gbéra. Ó ti kọ mọ́kànlá. A máa dúró kó tó 40 kí n tó sọ pé òótọ́ ni, àmọ́ mo ti ní kí wọ́n bá mi bẹ dírẹ́bà yẹn pé kó jẹ́ kí n wá rí òun.